Bùbá Mẹ́fà Ni Kí O Kà, Kì Í Ṣe Iye Àwọn Tó Kọ̀wé

«Ẹ̀gbọ́n mi, àdìrẹ ni mo ń tà ní Òṣogbo, èrè mi lórí bùbá kan sì jẹ́ ₦3,000. Mo ná ₦20,000 lórí fídíò kúkúrú márùn-ún ní Fesibúùkù, gbogbo wọn lábẹ́ Ad set kan, níbi tí wọ́n ti jọ ń pín owó kan náà. Fídíò kìíní gba ₦15,400, ènìyàn 44 sì kọ̀wé sí mi lórí Wáàsáàpù. Ìkẹrin gba ₦500, ènìyàn 2 kọ̀wé. Àwọn yòókù mú ènìyàn 9 wá. Bùbá 6 ni mo tà, n kò bi àwọn tó rà á léèrè fídíò tí wọ́n rí. Ṣé kí n kó gbogbo owó sórí ìkẹrin, tó jẹ́ ₦250 péré lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan?»

Bùbá mẹ́fà yẹn ni o sáré kọjá, òun gan-an sì ni ọ̀rọ̀ wà nídìí rẹ̀. Èrè ₦18,000 ni ó mú wá lórí ìpolówó ₦20,000, èyí tó túmọ̀ sí pé bùbá kọ̀ọ̀kan tí o tà ti jẹ ₦3,333 kí o tó ka èrè ₦3,000 tirẹ̀. O pàdánù ₦2,000, àbúrò mi, o kò sì sọ ọ́ rárá. Ó ń sú mi bí àwọn ọlọ́jà ṣe ń ka ẹni tó béèrè pé «èló ni?» mọ́ ẹni tó sanwó.

Ní ti ₦250 tí o dì mú yẹn, ènìyàn méjì ló gbé e ró. Bí ọ̀kan nínú wọn kò bá kọ̀wé, ₦500 ni ìbá jẹ́, bí ẹlòmíràn bá sì kún wọn, kò ní ju nǹkan bí ₦167 lọ. Fesibúùkù kì í pín owó Ad set kan dọ́gba: fídíò tí ó bá rò láti ìbẹ̀rẹ̀ pé yóò mú ènìyàn wá ni ó máa ń da owó sí, kí àwọn yòókù tó rí ẹni wò wọ́n. Nítorí náà, o kò tíì dán ìkẹrin wò.

Fídíò méjì ni ₦20,000 lè gbé. Fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú Ad set tirẹ̀, kí ó ní ₦2,000 lójúmọ́ fún ọjọ́ márùn-ún, má sì fọwọ́ kàn án títí yóò fi parí. Sọ iye owó bùbá náà nínú fídíò. Owó lórí ẹni tó kọ̀wé lè gòkè, ṣùgbọ́n ẹni tí apá rẹ̀ kò ká a kò ní máa gba àkókò rẹ. Ààyè wà nínú ètò ìpolówó náà láti kọ ọ̀rọ̀ tí oníbàárà yóò bá nínú àpótí kí ó tó fi ránṣẹ́; jẹ́ kí ti fídíò kan yàtọ̀ sí ti èkejì, kí o lè mọ ibi tí ẹni tó sanwó ti wá. Bí ọ̀kan bá ta mẹ́rin tí èkejì ta mẹ́ta, má ṣe kéde olúborí. Iye náà kéré jù.

Lálẹ́ òní, kí o tó fi náírà kan kún un, kọ̀wé sí àwọn mẹ́fà yẹn, kí o sì bi wọ́n léèrè fídíò tí wọ́n rí.