2,700 ò jẹ́ kí kaṣi búùkù àti sitétímẹ́ǹtì báńkì bára mu, ibo ló wà?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́ sà, kaṣi búùkù mi parí oṣù sí 284,600, báńkì ní 311,150. Mo ti rí sọ̀wédowó 40,000 tí wọn ò tíì gbà, 15,000 tá a lọ san sí báńkì lọ́jọ́ tó gbẹ̀yìn oṣù, 750 tí báńkì yọ fún iṣẹ́ wọn, àti tiránsífà 5,000 kan tó wọlé tí mi ò kọ. Síbẹ̀ 2,700 ṣì ń yọ mí lẹ́nu, Excel sì ní gbogbo owó yòókù nínú kaṣi búùkù ló wà ní báńkì. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ìwé tí àṣìṣe yẹn wà kẹ́ ẹ tó tún máa tú gbogbo nǹkan wò. Ẹ mú 311,150 ti báńkì, ẹ yọ 40,000 torí ẹni tó ni sọ̀wédowó yẹn ò tíì lọ gbowó ẹ̀, ẹ fi 15,000 kún un torí ó ṣì wà lọ́nà, ó di 286,150. Ẹ wá mú 284,600 tiyín, ẹ yọ 750, ẹ fi 5,000 kún un, ó di 288,850. Ṣẹ́ ẹ rí i, kaṣi búùkù ló fi 2,700 ga ju báńkì lọ. Báńkì náà lè ṣàṣìṣe o, mo ti rí i rí, àmọ́ ìwé tá a fọwọ́ ara wa kọ ni mo máa ń kọ́kọ́ fura sí. Tó bá jẹ́ pé ìwé yín ló ga jù, á jẹ́ pé owó kan jáde tẹ́ ẹ kọ kéré sí iye ẹ̀ tàbí tẹ́ ẹ ò kọ rárá, tàbí kẹ̀ owó kan wọlé tẹ́ ẹ kọ jù bó ṣe yẹ lọ.

Ẹ wá jókòó ti 2,700 yẹn fúnra ẹ̀, torí iye tó ṣẹ́kù máa ń sọ nǹkan. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá 2,700 gan-an wà níbì kan nínú sitétímẹ́ǹtì tí ẹ ò kọ. Tí kò bá sí, ẹ wá ìdajì ẹ̀, 1,350, torí tẹ́ ẹ bá lọ kọ owó tó jáde sọ́dọ̀ owó tó wọlé, ìyàtọ̀ tó máa fà á jẹ́ ìlọ́po méjì owó yẹn. Tí ìyẹn náà ò bá sí, ẹ fi 9 pín in. 2,700 pín dọ́gba, ó di 300, kò ṣẹ́kù nǹkan kan. Ibi témi máa ti dúró nìyẹn, torí ìgbàkígbà téèyàn bá gbé nọ́ńbà iwájú sẹ́yìn, tó kọ 52 dípò 25, ìyàtọ̀ tó máa wà ńbẹ̀ á pín dọ́gba sí 9 ṣáá ni. 300 yẹn tún ń tọ́ka sí ibi tó ṣẹlẹ̀: ipò ẹgbẹ̀rún àti ipò ọgọ́rùn-ún ni wọ́n gbé pààrọ̀, nọ́ńbà méjèèjì sì fi 3 ju ara wọn lọ. Torí náà ẹ wá àwọn owó bíi 1,400 àti 4,100, 2,500 àti 5,200, 3,600 àti 6,300, kódà ẹ wo 300 tó yẹ kó jẹ́ 3,000, torí òdo kan téèyàn gbàgbé náà máa ń pín sí 9. Ẹ má kàn gbára lé e pátápátá ṣá, àṣìṣe kéékèèké méjì lè para pọ̀ di nǹkan tó pín sí 9, ọ̀nà tó júwe ibi téèyàn máa kọ́kọ́ wò lásán ni.

Kí ló wá dé tí Excel ò fi rí i? Mo fẹ́ ẹ̀ mọ ohun tẹ́ ẹ ṣe, ẹ ní kó wá iye owó kọ̀ọ̀kan nínú sitétímẹ́ǹtì kó sọ bóyá ó wà ńbẹ̀. Ìṣòro ẹ̀ ni pé owó kan ṣoṣo ní báńkì lè dáhùn fún méjì nínú kaṣi búùkù, kò sẹ́ni tó máa sọ fún un pé wọ́n ti mú ìyẹn. Ẹ wò ó báyìí: ká ní owó mẹ́ta jáde ní báńkì, 3,600, 6,300, àti 6,300 mí ì, nínú ìwé yín ẹ wá kọ 3,600, 3,600, àti 6,300. Èyí kèyí tẹ́ ẹ bá mú á rí èkejì ẹ̀ lódìkejì, gbogbo ẹ̀ á máa ní "ó wà, ó wà", 2,700 á sì jókòó síbẹ̀.

Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe ni kẹ́ ẹ ka iye ìgbà tí owó kan ti jáde títí dé ibi tẹ́ ẹ dé, kí 3,600 àkọ́kọ́ àti 3,600 ìkejì máa jẹ́ orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ kó owó sí kọ́lọ̀mù C nínú ṣíìtì méjèèjì, kí owó tó jáde ní àmì ìyọkúrò níwájú ní ibi méjèèjì (ẹ má tẹ̀ lé dẹ́bítì àti kírẹ́dítì báńkì, ojú tiwọn ni wọ́n fi kọ ọ́, òdìkejì tiyín ni). Ẹ kọ èyí sí D2 nínú méjèèjì, kẹ́ ẹ fà á wálẹ̀:

```
=C2&"|"&COUNTIF(C$2:C2,C2)
```

Lẹ́yìn náà ẹ kọ èyí sí E2 nínú ṣíìtì kaṣi búùkù. Bank ni mo pe ṣíìtì báńkì o, tó bá jẹ́ orúkọ mí ì lẹ fún tiyín, ẹ pààrọ̀ ẹ̀:

```
=IF(COUNTIF(Bank!D:D,D2)=0,"WO","")
```

Ẹ ṣe irú ẹ̀ ní ṣíìtì báńkì náà, kó máa wo kaṣi búùkù. Ìyẹn ló ṣe pàtàkì jù, ọ̀pọ̀ èèyàn ò kì í wò ó láti ọ̀dọ̀ báńkì. Nínú àpẹẹrẹ yẹn, -3600|2 máa yọ jáde nínú ìwé yín, -6300|2 á yọ jáde ní báńkì, ẹ fi ọjọ́ àti orúkọ ẹni tẹ́ ẹ sanwó fún wo 3,600 méjèèjì, torí Excel kàn máa mú ìkejì ni, ó lè jẹ́ àkọ́kọ́ ló jẹ́ àṣìṣe.

Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ o, ẹ ṣe SUM kọ́lọ̀mù owó báńkì, ẹ fi bálánsì ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kún un, kó jẹ́ 311,150 gẹ́lẹ́. Tí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé àwọn owó kan wọlé bí ọ̀rọ̀, kì í ṣe bí nọ́ńbà. Ẹ máa rí wọn, apá òsì ni wọ́n máa ń fara tì nínú àpótí wọn, SUM ò sì ní kà wọ́n. Ẹ tún mú àwọn tí kò bára mu lóṣù tó kọjá wọ ṣíìtì kaṣi búùkù, torí sọ̀wédowó ìgbà yẹn lè jáde ní báńkì lóṣù yìí.

Tẹ́ ẹ bá ti rí i, ká ní 3,600 yẹn ni, ẹ má pa á rẹ́. Ẹ kọ 2,700 tuntun pé owó tó jáde ni, kẹ́ ẹ kọ ọjọ́ àti nọ́ńbà owó tó ń tún ṣe síwájú ẹ̀. Ẹ kọ 750 àti 5,000 náà, torí wọ́n ti ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́. Ìwé yín á di 286,150. 40,000 àti 15,000 ò tún ní wọ kaṣi búùkù mọ́, wọ́n ti wà ńbẹ̀, ẹ kàn kọ wọ́n sórí ìwé àfiwé yín. Ẹ má sì ṣe ohun tí mo rí tí akọ̀wé kan ṣe níbi iṣẹ́ kan, ó kọ iye tí kò rí sí "ìnáwó kéékèèké" kí ìwé lè bára mu. Nígbà tá a wá tú u wò, owó ńlá méjì tí wọ́n kọ sódì ló bo ara wọn mọ́lẹ̀, ìyàtọ̀ kékeré yẹn nìkan ló ń yọjú.

15,000 yẹn sì ń kọ mí lóminú díẹ̀. Owó tẹ́ ẹ san lọ́jọ́ tó gbẹ̀yìn oṣù yẹ kó hàn ní báńkì láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ẹ wo sitétímẹ́ǹtì oṣù tuntun, tẹ́ ò bá rí i, ẹ béèrè ìwé tí báńkì tẹ̀ lọ́ńtẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó lọ san án, lọ́jọ́ yẹn gan-an.