Ṣé lóòótọ́ ni owó tẹ́tẹ́ tí a ń ta ní ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún kò lè tán?

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Pákó ni mo ń tà ní Bódìjà. Mo ya ₦100,000 sọ́tọ̀ fún tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù. ₦5,000 ni mo máa ń fi ta tíkẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, ófà 2.5 tàbí ọ́ńdà 2.5, ìyẹn pé góòlù yóò pé mẹ́ta tàbí kò ní pé, ọ́ọ̀dì 1.85. Mẹ́sàn-án ti já tẹ̀léra báyìí. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n máa ta ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó bá kù, pé owó ẹni tó bá ń ta á bẹ́ẹ̀ kò lè tán láé, gbogbo èyí tó lọ ló sì máa padà. Ṣé òótọ́ ni?"

Àbúrò mi, ọ̀tọ̀ ni kí owó má tán, ọ̀tọ̀ ni kó padà. Àwọn tó ń ta "gèmù tó dájú" lórí Wásáàpù ló lẹ ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀, wọ́n wá ń gba owó lọ́wọ́ àwọn èèyàn lé e lórí. Kí n tó lọ jìnnà: ìṣirò ni iṣẹ́ tèmi, n kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni máa ta tẹ́tẹ́, ẹni tí kò bá sì tí ì pé ọdún 18 kò gbọdọ̀ dé ìdí rẹ̀ rárá.

Jẹ́ ká ṣírò tìrẹ. ₦5,000 lọ́nà mẹ́sàn-án jẹ́ ₦45,000, ₦55,000 ló wá kù sí ọ lọ́wọ́. Ká ní ìdá márùn-ún lo ti ń ta láti ìbẹ̀rẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ ì bá jẹ́ ₦5,000, èkejì ₦4,750, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa dínkù lọ. Nígbà tí ìkẹsàn-án bá já, ₦63,025 ni ì bá kù. Ohun tí ọ̀rẹ́ rẹ rí nìyẹn, kò sì purọ́ níbẹ̀.

Ìwọ tó o ń rẹ́ pákó, wò ó báyìí: ẹnìkan ń gé ẹsẹ̀ bàtà kan kúrò lára pákó ẹlẹ́sẹ̀ ogún nígbà gbogbo, ẹnìkejì ń gé ìdá kan nínú ogún ohun tó bá ṣẹ́kù. Gígé àkọ́kọ́ wọn dọ́gba. Lẹ́yìn ogún gígé, ẹni àkọ́kọ́ kò ní nǹkan kan mọ́. Pákó ẹnìkejì ti kúrú gan-an, àmọ́ ó ṣì wà. Tó bá jẹ́ owó, ogún tíkẹ́ẹ̀tì tó já tẹ̀léra yóò sọ ₦100,000 rẹ di òfo, ẹni tó ń ta ìdá márùn-ún yóò sì ní ₦35,849.

Ìdí ni pé ₦5,000 tí o rò pé kò yí padà ń wúwo sí i bí owó ṣe ń lọ. Nígbà tí o bẹ̀rẹ̀, ìdá kan nínú ogún ni. Lónìí, ìdá kan nínú mọ́kànlá ni. Bó bá ku ₦15,000, ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo ohun tí o ní ni wàá máa fi ta tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, wàá ṣì máa sọ pé iye tí o máa ń ta náà ni. Ìparí ìpàdánù gígùn ló ń pa ẹni tó ń ta iye kan náà, kì í ṣe ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wá kan pípadà. Ní ọ́ọ̀dì 1.85, tíkẹ́ẹ̀tì ₦5,000 tó bá wọlé yóò fi ₦4,250 lé owó rẹ. Láti ₦55,000, mọ́kànlá gbọ́dọ̀ wọlé láìsí ọ̀kan tó já kí o tó kọjá ₦100,000. Ẹni tó ń ta ìdá márùn-ún ní ₦63,025 ńkọ́? Méjìlá ni tiẹ̀. Owó tó kù sí i lọ́wọ́ ju tìrẹ lọ, síbẹ̀ ọ̀nà tiẹ̀ ló gùn, nítorí pé bíi ₦3,151 ni yóò fi ta àkọ́kọ́ tó bá wọlé. Ohun tó mú kí ìpàdánù rẹ̀ rọ̀ náà ló mú kí èrè rẹ̀ kéré. Bó bá sì ti dé ₦35,849, mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n gbọ́dọ̀ wọlé tẹ̀léra kó tó padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ṣé o rí i báyìí pé owó lè wà láìtán, kó má sì padà?

Mo mọ̀ pé o fẹ́ sọ pé mẹ́sàn-án ti já, ìyókù gbọ́dọ̀ wọlé. Ta ló sọ fún ọ? Àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù kò mọ̀ pé tíkẹ́ẹ̀tì rẹ já lánàá. Kódà bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ ìdajì-sí-ìdajì, nínú igba tíkẹ́ẹ̀tì, ó ṣeé ṣe ju kó má ṣeé ṣe lọ pé méje tàbí jù bẹ́ẹ̀ yóò já tẹ̀léra níbì kan. Mẹ́sàn-án kò wọ́pọ̀ tó ìyẹn, àmọ́ kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀tá.

Nǹkan tó ń jẹ owó rẹ gan-an ni 1.85 yẹn. Ọ́ọ̀dì kan náà ló wà lórí ófà àti ọ́ńdà. Bó bá jẹ́ pé ìdajì-sí-ìdajì ni, tí o ta ọgọ́rùn-ún tíkẹ́ẹ̀tì ní ₦1,000, àádọ́ta tó wọlé yóò kó ₦92,500 wá fún ọ nínú ₦100,000 tí o kó lọ. ₦7,500 ti di ti onítẹ́tẹ́. Kí owó rẹ má bàa máa dínkù, ó kéré tán márùn-ún-dín-lọ́gọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ló gbọ́dọ̀ máa wọlé. Ẹni tí tiẹ̀ kò bá tó bẹ́ẹ̀, iye kan náà yóò pa á kíákíá, ìdá yóò pa á díẹ̀díẹ̀.

Onímọ̀ kan tó ń jẹ́ John Kelly, ará Amẹ́ríkà, ló ṣírò iye ìdá tó yẹ kéèyàn máa ta, ní ọdún 1956. Àwọn onígèmù-tó-dájú fẹ́ràn orúkọ rẹ̀, wọn kì í fi ìṣirò rẹ̀ hàn. Òun rèé:

```
f = (b × p − q) / b
```

f ni ìdá tí wàá ta, b ni èrè lórí náírà kan (0.85 fún ọ́ọ̀dì 1.85), p ni bó ṣe ṣeé ṣe tó kó wọlé, q ni bó ṣe ṣeé ṣe tó kó já. Fi 0.5 sípò p àti q. Ohun tó máa jáde kéré sí òdo. Ìyẹn ni pé, ní ìdajì-sí-ìdajì, ọkùnrin tí wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ polówó ìdá márùn-ún ń sọ fún ọ pé má ta á.

Ẹ̀wẹ̀, ìwọ̀n ṣe pàtàkì ju ọ̀nà lọ. Ká ní ₦1,000 lo ń fi ta láti ìbẹ̀rẹ̀, ogún tíkẹ́ẹ̀tì tó já ì bá ku ₦80,000 sí ọ lọ́wọ́. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ì bá ku ₦81,791. Gbogbo àríyànjiyàn ìwọ àti ọ̀rẹ́ rẹ kò ju ₦1,791 lọ níbẹ̀. Ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún tí ẹ̀yin méjèèjì fi bẹ̀rẹ̀ ló pọ̀ jù.

Nítorí náà, má ta nǹkan kan lọ́sẹ̀ yìí. Bí o bá ní àkọsílẹ̀ tíkẹ́ẹ̀tì ọgọ́rùn-ún tó kẹ́yìn, tó kọjá àwọn mẹ́sàn-án yìí, ka iye tó wọlé. Bí kò bá tó márùn-ún-dín-lọ́gọ́ta, fi ₦55,000 yẹn ra pákó. Bó bá tó, ìyẹn náà kò tíì dájú, torí ọgọ́rùn-ún kéré, oríire nìkan lè gbé e débẹ̀. Bí o bá kọ̀ láti gbọ́, má kọjá ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, kí o sì máa tún un ṣírò lórí ohun tó bá ṣẹ́kù láràárọ̀. ₦550 nìyẹn lónìí. Bí ₦550 bá kéré lójú rẹ, má wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀.