Àṣìṣe tó ń wá tó ń lọ nínú sọ́fítíwíà ìṣirò owó: ẹ wo déètì kí ẹ tó bá iná wí

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ohun èlò ìkọ́lé la ń tà lẹ́bàá ọjà Ìgbọ̀nà ní Òṣogbo. Sọ́fítíwíà ìṣirò owó wa ti gbó, àwọn tó ṣe é kò sí mọ́. Kọ̀ǹpútà mẹ́ta ló ń lò ó. Lọ́jọ́ mìíràn á kọ̀ láti gba rìsíìtì, á ní `Posting date not in open period`, bẹ́ẹ̀ oṣù náà ṣí sílẹ̀. Tó bá tún di ọjọ́ mìíràn, kò ní yọ wá lẹ́nu rárá. Mo ti fi fáìlì àkọsílẹ̀ oṣù keje ọdún 2024 ránṣẹ́, pẹ̀lú àwòrán mẹ́fà táwọn akọ̀wé yà. Ṣé iná ni àbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì?

Ìdáhùn: Iná kọ́, nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà kọ́. Déètì ni, orí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló sì wà: èyí tí ẹ ń pè ní KAS3.

Àwòrán ni mo kọ́kọ́ wò. Àpótí àṣìṣe tó wà láàárín rẹ̀ kọ́ ni mo ń wá, igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún ni, níbi tí aago àti déètì wà. Ọ̀kan nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kò wúlò, ẹni tó yà á ti gé igun yẹn dànù. Orúkọ tí Wasáàpù sọ àwòrán náà kò sì lè gbà wá, ọjọ́ nìkan ló wà níbẹ̀, kò sí wákàtí. Márùn-ún tó kù, orí KAS3 ni wọ́n ti yà wọ́n. Èyí tí wọ́n yà lọ́jọ́ kẹta oṣù keje kà báyìí: `10:19 AM`, `7/3/2024`. Oṣù ló ṣíwájú ọjọ́, bí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ń kọ ọ́. Nínú àwòrán yìí kan náà, déètì tí akọ̀wé tẹ̀ sórí rìsíìtì ni `03/07/2024`. Ó rí bó ṣe yẹ kó rí lójú gbogbo wa, ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi fura sí i.

Mo wá kọjú sí fáìlì àkọsílẹ̀. Ìlà méjì yìí tẹ̀lé ara wọn:

```
03/07/2024 10:14:52    KAS1 RV4471 OK
7/3/2024 10:15:20 AM   KAS3 RV4472 ERR Posting date not in open period
```

Kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìlà tirẹ̀, bí wọ́n ṣe tò ó láti máa kọ déètì ló sì ṣe ń kọ ọ́. Ọ̀fìn tó wà níbẹ̀ nìyí: tí ẹ bá wá `03/07/2024` nínú fáìlì náà, KAS1 àti KAS2 nìkan ni ẹ máa rí, ẹ ó sì gbà pé àṣìṣe kankan kò ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà. Nítorí náà, ẹ má fi déètì wá a. Ẹ ṣe ẹ̀dà fáìlì náà, kí ẹ ṣí Command Prompt síbi tí ẹ̀dà yẹn wà, kí ẹ wá ọ̀rọ̀ àṣìṣe fúnra rẹ̀ nínú rẹ̀:

```
findstr /n /c:"not in open period" POST0724.LOG
```

`/n` á kọ nọ́ńbà ìlà síwájú ìlà kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà yẹn ni kí ẹ gbà gbọ́ ju déètì lọ, torí pé bí nǹkan ṣe ń ṣẹlẹ̀ tẹ̀lé ara wọn ni ìlà ṣe ń wọlé. Ti ìṣẹ́jú mẹ́rin tó wà láàárín 10:15 inú fáìlì àti 10:19 inú àwòrán, ẹ má jẹ́ kó dà yín láàmú. Aago kọ̀ǹpútà kan náà ni méjèèjì. Ìgbà tí àṣìṣe ṣẹlẹ̀ ni fáìlì kọ, ìgbà tí akọ̀wé rántí yà á ni àwòrán fi hàn. Tó bá jẹ́ pé àwòrán ló ṣáájú fáìlì ni ì bá ti kọ mí lóminú.

Mo wá to àwọn ọjọ́ tí àṣìṣe wáyé sórí ìwé: 1, 2, 3, 4, 5, 8, 9, 10, 11, 12. Láti ọjọ́ kẹtàlá títí oṣù fi parí, kò sí ẹyọ kan. KAS3 ló ni gbogbo rẹ̀. Iná tó ń lọ kì í ka ọjọ́ lórí kàlẹ́ńdà, àmọ́ oṣù kò ju méjìlá lọ. Akọ̀wé tẹ 03/07, KAS3 kà á sí ọjọ́ keje oṣù kẹta, oṣù kẹta sì ti wà ní títì, ló bá kọ̀ ọ́. Ó tẹ 08/07, KAS3 kà á sí ọjọ́ keje oṣù kẹjọ, wọn ò tíì ṣí ìyẹn. Tó bá wá tẹ 15/07, kò sí oṣù kẹẹ̀ẹ́dógún, sọ́fítíwíà á yí i padà fúnra rẹ̀, á sì gbà á bó ṣe tọ́. Bí àwọn sọ́fítíwíà tí wọ́n fi Visual Basic 6 kọ ṣe máa ń ka déètì nìyẹn, bí tiyín náà sì ṣe ń ṣe nìyẹn. Ó ń ràn yín lọ́wọ́ láti ọjọ́ kẹtàlá lọ, ìrànlọ́wọ́ yẹn ló sì ń bo àṣìṣe náà mọ́lẹ̀.

Ọjọ́ kẹfà àti ọjọ́ keje ló kù. Ọjọ́ keje jẹ́ Sunday, ẹ ò ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ká ní ẹ ṣí i pàápàá, 07/07 kò yàtọ̀ síbi tí ẹ bá ti kà á. Saturday ọjọ́ kẹfà ni wàhálà gan-an wà. KAS3 gba rìsíìtì mẹ́sàn-án lọ́jọ́ yẹn, `OK` ló sì kọ sí gbogbo wọn. Ìlà àkọ́kọ́ nínú fáìlì yín fi hàn pé oṣù kẹfà àti oṣù keje ló ṣí. 06/07 di ọjọ́ keje oṣù kẹfà, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, owó náà sì wọlé síbi tí kì í ṣe tirẹ̀. Àṣìṣe tó pariwo kò ba ìwé yín jẹ́. Èyí tó dákẹ́ ló bà á jẹ́.

Fáìlì àkọsílẹ̀ kò lè fìdí èyí múlẹ̀ tán, torí kò kọ déètì tó wọ inú lẹ́jà. Ẹ tẹ lẹ́jà ọjọ́ keje oṣù kẹfà jáde, kí ẹ wo nọ́ńbà rìsíìtì. Nọ́ńbà kì í fò: tí ẹ bá rí RV45 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín àwọn RV39, àwọn àlejò ọ̀hún nìyẹn. Ẹ má pa wọ́n rẹ́. Kí akáńtáǹtì yín kọ ìdàpadà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní oṣù kẹfà, kó tún wọn kọ sí ọjọ́ kẹfà oṣù keje, kó tó ti oṣù kẹfà pa. Kí ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ padà sẹ́yìn, oṣù kan lẹ́yìn òmíràn, dé ìgbà tí wọ́n tún Windows fi sórí KAS3, torí ètò Amẹ́ríkà ló sábà máa ń bá Windows tuntun wọlé.

Láti tún un ṣe, ẹ ti sọ́fítíwíà náà pa lórí KAS3, ẹ tẹ `intl.cpl` nínú àpótí Run, ẹ yan `English (United Kingdom)`, kí `Short date` di `dd/MM/yyyy`. Orúkọ tí èèyàn fi wọlé ni ètò yìí ń tẹ̀lé, kì í ṣe kọ̀ǹpútà. Tí akọ̀wé ọ̀sán bá ń fi orúkọ mìíràn wọlé, àṣìṣe á tún dé lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, ẹ lọ sí `Administrative`, ẹ tẹ `Copy settings`, ẹ fi àmì sí `New user accounts` kí orúkọ tuntun lè bá a bẹ́ẹ̀. Àwọn orúkọ tó ti wà tẹ́lẹ̀, ẹ wọlé pẹ̀lú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tún un ṣe. Kó tó di pé ẹ ráyè ṣe é, kí akọ̀wé máa tẹ `03-Jul-2024`. Kò sí kọ̀ǹpútà tó máa ṣi ìyẹn kà.

Tí àṣìṣe náà bá tún yọjú lẹ́yìn ọjọ́ kejìlá, tàbí lórí KAS1, ẹ fi ìlà ogún tó ṣáájú rẹ̀ nínú fáìlì ránṣẹ́, pẹ̀lú àwòrán tí wọn ò gé igun rẹ̀.