Orin obìnrin níbi òkú àgbà: ṣé àlámọ̀ ni?

*“Wọ́n ń sìnkú ìyá àgbà kan ní Ìjerò. Obìnrin kan ń ki oríkì lọ, tó bá ti gbé orin, àwọn obìnrin tó kù á gbè é. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti agogo ni mo rí, kò sí dùndún. Ẹnìkan ní ìjálá ni, ẹlòmíràn ní rárà. Kí ni ní tòótọ́?”*

Bí o ṣe ṣàlàyé rẹ̀ yìí, àlámọ̀ ni mo máa pè é. Òun ni ewì alohùn tí wọ́n mọ àwọn ará Èkìtì mọ́, àwọn obìnrin ló sì sábà máa ń ṣe é.

Má fi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ dá a mọ̀. Ibi gbogbo ni ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ń dé. Òkú àgbà náà ò tó láti fi pinnu, nítorí àlámọ̀ ń wáyé níbi ìgbéyàwó àti ìwúyè pẹ̀lú. Ọ̀nà tí ohùn gbà jáde ni kí o tẹ́tí sí. Nígbà tí aṣáájú ń ki oríkì, ìsàré ló ń ṣe: ohùn náà ju ọ̀rọ̀ sísọ lọ, kò sì tíì di orin. Á pe ìdílé bàbá olóògbé, á yà sí ti ìyá, á kan ìlú, àwọn olùgbọ́ á sì dákẹ́ máa gbọ́. Ìgbà tó bá yí i sí orin ni ẹgbẹ́ yóò tó gbè é. Ègbè náà kì í yí padà, àmọ́ aṣáájú lè máa pààrọ̀ orúkọ àti ọ̀rọ̀ tirẹ̀ bó ṣe wù ú.

Ẹni tó sọ pé ìjálá ni kò ṣàdédé ṣìnà, nítorí ìjálá náà máa ń ti orí ìsàré bọ́ sí orin àgbégbè. Ṣùgbọ́n ti àwọn ọdẹ àti ológùn-ún ni ìjálá, ìlù àgèrè ló sì bá a rìn. Ògún, ẹran igbó àti ìran ọdẹ ló kún ẹnu wọn, bí apohùn kan bá sì ṣi ìtàn sọ, apohùn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lè sọ fún un lójú agbo pé irọ́ ló pa. Tó bá jẹ́ ọdẹ ló kú, ìrèmọ̀jé ni à bá máa sọ. Ìyá yìí kì í ṣe ọdẹ. Rárà ní tirẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn Ọ̀yọ́ ló ti gbilẹ̀.

Ohun tó lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni èdè. Bí o bá ní fídíò, gbọ́ bóyá “ulé” ni aṣáájú ń pe ilé, tàbí “uṣu” ló ń pe iṣu. Ẹ̀ka èdè Èkìtì nìyẹn. Tó bá jẹ́ Yorùbá àjùmọ̀lò ló fi ṣe gbogbo rẹ̀, tí kò sì sí oríkì kankan nínú rẹ̀, orin òkú lásán ni o gbọ́. Àwọn ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ náà ń fi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti agogo kọ irú rẹ̀ nísinsìnyí.