Iṣẹ́ mẹ́ta tí a lè fi hàn nígbà tí ìwé àdéhùn ti dì wá lẹ́nu

“Ẹ̀yin àgbà nínú iṣẹ́ yíya ojú áàpù, ẹ jọ̀ọ́. Mo ṣe iṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún ṣọ́ọ̀ṣì wa; èyí tí ilé-iṣẹ́ kan sì sanwó rẹ̀ fún mi, mo ti tọwọ́ bọ̀wé pé n kò ní sọ ọ́ síta. Ilé-iṣẹ́ mìíràn tí mo ń wá iṣẹ́ sí wá ní kí n mú iṣẹ́ mẹ́ta wá pẹ̀lú àlàyé. Kí ni kí n kó fún wọn?”

Àbúrò, nígbà tí ó kàn mí, mo mú ọ̀kan nínú iṣẹ́ ọ̀fẹ́, mo mú ọ̀kan nínú èyí tí àdéhùn bò, mo sì yan ẹ̀kẹta fúnra mi. Ohun tí àwọn tó ń gbani síṣẹ́ fẹ́ mọ̀ ni ìdí tí o fi ṣe é bẹ́ẹ̀, ohun tí o gbìyànjú tí o sì pa tì, àti apá tí ó jẹ́ tìrẹ gan-an nínú iṣẹ́ náà.

Èyí tí àdéhùn bò ló le jù. Gbé ìwé náà jáde, kí o wo ohun tí wọ́n pè ní àṣírí, ohun tí wọ́n yọ sílẹ̀, àti ìgbà tí àdéhùn náà yóò parí. Nínú ọ̀pọ̀ irú ìwé bẹ́ẹ̀, ohun tí gbogbo ayé ti rí kì í ṣe àṣírí mọ́, nítorí náà bí áàpù náà bá ti wà lórí Play Store, ojú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè ṣí wò sábà máa ń bọ́ kúrò nínú àdéhùn náà; ṣùgbọ́n èyí kò kan àwọn àwòrán tí ẹ pa tì, iye oníbàárà wọn, tàbí ọ̀rọ̀ tí àwọn tí ẹ fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò sọ. Ìwé mìíràn tilẹ̀ ní kí o má dárúkọ ilé-iṣẹ́ náà rárá.

Lẹ́yìn èyí, kọ ímeèlì sí wọn, má sì béèrè pé “ṣé mo lè lo iṣẹ́ náà?”, nítorí “rárá” ló rọrùn jù láti fi dá irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lóhùn. So ojú ìwé tí o fẹ́ fi hàn mọ́ ọn, kí o kọ ọ́ pé: “Èyí nìkan ni mo fẹ́ fi hàn, kò sí iye owó tàbí orúkọ oníbàárà kankan nínú rẹ̀, ṣé ẹ fọwọ́ sí i?” Bí wọ́n bá dákẹ́, wọn kò tíì gbà.

Ilé-iṣẹ́ tèmi kọ̀. Áàpù ẹ̀yáwó ni, àwọn èèyàn sì máa ń sá níbi tí ó ti ń béèrè nọ́ńbà BVN kí ó tó sọ ohun tí ó fẹ́ fi ṣe. Ohun tí mo kọ kò ju pé áàpù owó kan ń béèrè ohun ìdánimọ̀ kí ó tó ṣàlàyé ara rẹ̀, àti bí mo ṣe tún ètò rẹ̀ tò. Ìlà aláwọ̀ eérú lásán ni mo fi tún un yà, láìsí àwọ̀ wọn, láìsí iye kankan. Mo wá fi han ẹnì kan tó mọ ọjà náà dáadáa, mo ní kí ó sọ ẹni tó ni ín. Bí ó bá lè sọ ọ́, nǹkan kù láti yọ. Àwọn kan ń fi ọ̀rọ̀ aṣínà ti ojú ìwé wọn, wọ́n sì rò pé ó tán. Ẹni tí o fún ní ọ̀rọ̀ aṣínà náà ni o ṣáà sọ àṣírí fún.

Ti ṣọ́ọ̀ṣì kò nira. Kò pọn dandan kí o kọ ọ́ pé wọn kò sanwó, ṣùgbọ́n kọ ẹni tí ẹ jọ ṣe é, kí o gbàṣẹ, kí o sì fi orúkọ àti nọ́ńbà àfọwọ́dá rọ́pò ti àwọn ọmọ ìjọ, nítorí òfin ààbò ìsọfúnni ti ọdún 2023 ní Nàìjíríà kan ìyẹn náà. Padà lọ bá akọ̀wé wọn, kí o béèrè ohun tí ó yí padà nínú iṣẹ́ rẹ̀.

Ní ti ẹ̀kẹta, má ṣe tún áàpù olókìkí yà, nítorí o kò mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe tiwọn bẹ́ẹ̀. Mú ìṣòro kékeré tí o lè fojú rí nínú ọgbà yín. Tèmi ni nọ́ńbà tí a ń tẹ̀ sínú mítà iná, tí ó jẹ́ oní-20. Mo dúró ti àwọn aládùúgbò bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́: nọ́ńbà náà wà ní ìlà kan gbọọrọ nínú àtẹ̀jíṣẹ́, ojú wọn ń ṣì, fóònù sì ń ṣú mọ́ wọn lọ́wọ́ kí wọ́n tó parí. Mo pín in sí ìdì márùn-ún tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà mẹ́rin, mo jẹ́ kí ojú fóònù máa tàn títí wọn yóò fi tẹ̀ ẹ́ tán, mo sì fi àwòrán àkọ́kọ́ tí kò ṣiṣẹ́ síbẹ̀ pẹ̀lú. Bí o bá ṣe irú rẹ̀, kọ ọ́ sókè ojú ìwé náà pé ìwọ lo yan iṣẹ́ yìí, kò sí ilé-iṣẹ́ kankan tó gbé e fún ọ.