Nígbà tí ọ̀rọ̀ Ìgbò bá jọ ti Yorùbá: bí a ṣe ń so ó mọ́ ìtumọ̀ rẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá olùkọ́. Ọmọ Ìgbò ni ọkọ mi, mo sì ń lọ sí kíláàsì èdè Ìgbò kí èmi àti àwọn àna mi lè máa gbọ́ra wa yé. Wọ́n máa ń kọ ọ̀rọ̀ Ìgbò sí apá òsì, ìtumọ̀ rẹ̀ sí apá ọ̀tún, wọ́n á ní ká fi ìlà so wọ́n pọ̀. Èyí tí wọ́n fún wa gbẹ̀yìn nìyí: akwa, aja, azụ, ewu, imi, ọka, ọkụ, ose. Àwọn ìtumọ̀ ni: àgbàdo, ajá, ata, ẹja, ewu, ewúrẹ́, ẹyin, imú, iná, iyanrìn, òkú, ọkà bàbà, ọṣẹ. Àwọn tó jọ Yorùbá gan-an ni mo máa ń ṣì so. Báwo ni kí n ṣe é?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ ka apá méjèèjì. Ìtumọ̀ mẹ́tàlá ló wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀rọ̀ mẹ́jọ péré ló wà lọ́wọ́ òsì. Márùn-ún á ṣẹ́kù, márààrún ló sì jẹ́ pàkúté tí olùkọ́ yín dẹ sílẹ̀ fún ẹni tó bá fi ojú Yorùbá ka Ìgbò: ajá ń dúró de aja, ewu ń dúró de ewu, òkú ń dúró de ọkụ, ọkà bàbà ń dúró de ọka, ọṣẹ ń dúró de ose. Kò sí èyí tó jẹ́ ìdáhùn nínú wọn.

Ohun tí mo máa ń ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ṣe ni pé kí wọ́n fi ìwé bo apá ọ̀tún mọ́lẹ̀ pátápátá. Ẹ mú ọ̀rọ̀ Ìgbò kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ àpólà kúkúrú kan tí ẹ ti gbọ́ lẹ́nu àwọn àna yín tàbí lọ́jà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ní èdè Ìgbò, láì tíì ronú kan Yorùbá rárá. Fún ọkụ, ẹ lè rántí mmiri ọkụ, ìyẹn omi gbígbóná. Omi tí iná ti kàn ni, òkú ò ní nǹkan ṣe níbẹ̀. Fún ewu, anụ ewu wà nínú ìkòkò ọbẹ̀ wọn dáadáa, ẹran ewúrẹ́ sì ni. Azụ ndụ ni ẹja tútù tí wọ́n ń mú láàyè fún ẹni tó fẹ́ rà á. Ose ọjị ni ẹ̀pà lílọ̀ tí wọ́n fi ata sí, èyí tí wọ́n ń gbé kalẹ̀ fún àlejò pẹ̀lú obì àti ìkàn. Bí ẹ bá ti rántí àwo yẹn, ẹ ò ní so ose mọ́ ọṣẹ mọ́. Oghere imi ni ihò imú. Ụlọ aja ni ilé alámọ̀, nítorí aja kó iyanrìn àti erùpẹ̀ tí wọ́n fi ń mọ ilé pọ̀. Ajá tiwa, nkịta ni wọ́n ń pè é. Ọ̀rọ̀ tí ẹ kò bá rí àpólà kankan fún, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ má fi ìjọra dí àlàfo yẹn. Àwọn tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣí ìwé kúrò lórí apá ọ̀tún ni ẹ óò padà sí.

Ó yẹ kí ẹ mọ ìdí tí ojú wa fi ń tàn wá jẹ, torí ó wà nínú bí wọ́n ṣe ń kọ èdè náà. Lẹ́tà kan náà la jọ ń lò, a jọ ń fi àmì sábẹ́ lẹ́tà, ṣùgbọ́n kì í ṣe lẹ́tà kan náà la ń fi àmì sí. Nínú àkọtọ́ Ọnwụ tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 1961, tí ilé ìwé ń lò títí dòní, ị, ọ àti ụ ló ní àmì lábẹ́ nínú fáwẹ̀lì. Kò sí ẹ níbẹ̀, kò sí ṣ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń ka Yorùbá láti kékeré ti mọ̀ ọ́n lára láti máa fi àmì kún ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ wa ló ń kọ Yorùbá láì fi àmì sí i lórí fóònù. Bó bá rí ose, ọkàn rẹ̀ á fi àmì sábẹ́ o, sábẹ́ s àti sábẹ́ e, ó di ọṣẹ kó tó ṣẹ́jú. Ohun tó wà lórí ìwé ni kí ẹ kà. Bí àmì kò bá sí lábẹ́ o tí wọ́n tẹ̀ dáadáa nínú ìwé Ìgbò, kò sí i ni.

Àmì yìí tún wúlò lọ́nà mìíràn. Fáwẹ̀lì Ìgbò pín sí agbo méjì: a, ị, ọ àti ụ wà lápá kan, e, i, o àti u wà lápá kejì, nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí kì í ṣe àkànpọ̀, agbo kan ni fáwẹ̀lì rẹ̀ sábà máa ń wá. Nítorí náà, bí wọ́n bá kọ «ọku» fún yín, ọ̀kan nínú àmì rẹ̀ ló já bọ́, ọkụ ni. Bí wọ́n bá sì kọ ọ́ ní oku láì sí àmì rárá, ẹ ṣọ́ra, torí oku gan-an jẹ́ ọ̀rọ̀ Ìgbò: ìpè ni, irú èyí tí ẹ ń gbà lórí fóònù. Nínú àtẹ̀jíṣẹ́ tí kò ní àmì, gbólóhùn nìkan ló lè sọ èyí tí wọ́n ní lọ́kàn.

Mi ò sọ pé kí ẹ sá fún ìjọra o. Èdè méjèèjì súnmọ́ra, ìjọra tòótọ́ sì pọ̀ láàárín wọn. Ọnụ ni ẹnu, ntị ni etí, àkàrà ni akara. Nínú iṣẹ́ yín yìí pàápàá, ewu jọ ewúrẹ́, imi sì jọ imú. Ibi tí pàkúté wà ni pé ọ̀rọ̀ Yorùbá tó bá ọ̀rọ̀ Ìgbò mu lẹ́tà sí lẹ́tà máa ń dúró síwájú èyí tó jọ ọ́ ní ohùn àti ní ìtumọ̀, ó sì máa ń dí ojú ọ̀nà mọ́ ọn. Mo máa ń sọ fún kíláàsì mi pé bí ọ̀rọ̀ méjì bá bára mu láìku lẹ́tà kan, kí wọ́n fura sí i ju èyí tó jọra díẹ̀ lọ. Ẹ ka ìjọra sí àbá, kí àpólà tí ẹ kọ jẹ́ ẹ̀rí.

Èyí tó le jù nínú gbogbo rẹ̀, lójú tèmi, ni ọka. Ẹni tó bá so aja mọ́ ajá yóò tètè rí àṣìṣe rẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tí í fi ajá mọ ilé. Ṣùgbọ́n ọka àti ọkà, oúnjẹ ni méjèèjì, inú oko ni méjèèjì ti ń wá, gbólóhùn tí ẹ bá fi dán an wò á sì dún bí ẹni pé ó tọ̀nà. Lọ́dọ̀ wa, ọkà lè jẹ́ ọkà bàbà, ó lè jẹ́ orúkọ àpapọ̀ fún oúnjẹ oníhóró, àwọn ibòmíràn sì wà nílẹ̀ Yorùbá tó jẹ́ pé àmàlà ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn Ìgbò, àgbàdo ni ọka. Ohun tó máa là á fún yín ni kí ẹ wá àpólà tí kò lè gba ìtumọ̀ kejì. Ọka na ube ni mo máa ń lò: nígbà òjò, wọ́n ń jẹ àgbàdo sísè tàbí sísun pẹ̀lú ube, èso aláwọ̀ elése àlùkò tí wọ́n ń fi sínú eérú gbígbóná títí á fi rọ̀. Kò sẹ́ni tó ń fi ọkà bàbà jẹ ẹ́.

Ọkụkọ náà wà nínú ẹgbẹ́ yìí, ẹ óò sì pàdé rẹ̀ láìpẹ́ bí kò bá tíì dé. Ó jọ àkùkọ, adìyẹ náà sì ni, ṣùgbọ́n adìyẹ ilé èyíkéyìí ni, akọ tàbí abo. Bí ìtumọ̀ méjèèjì bá wà lápá ọ̀tún, adìyẹ ni kí ẹ so ó mọ́. Ẹ̀rí rẹ̀ ni akwa ọkụkọ, ẹyin adìyẹ, torí àkùkọ kì í yé ẹyin.

Akwa fúnra rẹ̀ kò jọ Yorùbá kankan. Ara rẹ̀ ló jọ. Ohùn ló ń pín in sí mẹ́rin. Bí a bá fi àmì ohùn tiwa kọ ọ́, ákwá, mí mí, ni ẹkún. Àkwá, dò mí, ni ẹyin. Ákwà, mí dò, ni aṣọ. Àkwà, dò dò, ni ibùsùn. Ọ̀pọ̀ ìwé Ìgbò ni kì í fi àmì ohùn sí i. Nínú iṣẹ́ yín, ẹyin nìkan ló wà lápá ọ̀tún nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nítorí náà kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n bí ẹyin àti aṣọ bá jọ wà níbẹ̀, tí wọ́n sì kọ akwa láì sí àmì ohùn tàbí gbólóhùn, kò sí ọgbọ́n tí ẹ lè dá sí i. Ẹ bẹ olùkọ́ kó pè é sétí yín. Etí Yorùbá máa ń gbọ́ ìyàtọ̀ yìí kíákíá, àǹfààní ńlá lèyí tí ẹ ní.

Bí ẹ bá so gbogbo rẹ̀ tán, ẹ wo iye ìtumọ̀ tó wà. Bó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ àti ìtumọ̀ dọ́gba, ẹ kò lè ṣi ẹyọ kan ṣoṣo láéláé: ìtumọ̀ tí ẹ gbé fún ọ̀rọ̀ tí kò ni ín, ẹ ti gbà á lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ tó ni ín. Àmì tí ẹ fi máa mọ̀ ni pé àwọn méjì tó kẹ́yìn kò ní bára mu rárá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á wá jókòó ti àwọn méjì yẹn, wọ́n á máa yí wọn. Àwọn kọ́ ló ṣẹ̀. Ìlà tí ẹ yára fà jù ni kí ẹ padà sí, ìyẹn èyí tí ẹ fà nítorí pé ọ̀rọ̀ méjì jọra lójú. Ṣùgbọ́n bí ìtumọ̀ bá pọ̀ ju ọ̀rọ̀ lọ, bíi ti yín yìí, ẹ lè kùnà ọ̀kan kí gbogbo yòókù sì dúró dáadáa, ohunkóhun kò sì ní ta yín lólobó. Nítorí èyí ni mo fi ní kí ẹ ka apá méjèèjì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Nínú ìwé tí ẹ ń kọ ọ̀rọ̀ sí nílé, ẹ má kọ ewu lẹ́gbẹ̀ẹ́ ewúrẹ́ nìkan. Ẹ kọ anụ ewu, kí ẹ sì kọ ohùn rẹ̀ bí ẹ bá ti gbọ́ ọ. Bákan náà, ẹ má kọ́ akwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́jọ́ kan, wọ́n á dàrú mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ kọ́ akwa ọkụkọ lọ́sẹ̀ yìí títí á fi mọ́ yín lẹ́nu, kí ẹ tó wá kan ibe akwa, ìyẹn sísunkún, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìgbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ti dá dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni kí ẹ tó tò wọ́n sójú kan náà, kí ẹ sì ní kí ọkọ yín máa pè wọ́n láì tò wọ́n, kí ẹ máa nawọ́ sí ìtumọ̀.