Ohun tí Network reset ń pa rẹ́

"Mo pa adápítà nẹ́tíwọ́ọ̀kì nínú Windows, mo tún tàn án, síbẹ̀ ojú-ìwé kò ṣí. Ṣé Network reset yàtọ̀ sí i ni?"

Ó yàtọ̀ gan-an, ọ̀rẹ́ mi. Pípa àti títàn kàn ń tún dírafà bẹ̀rẹ̀ ni. Àdírẹ́sì DNS, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń túmọ̀ orúkọ ìkànnì sí nọ́ńbà, tí o fọwọ́ tẹ̀ sínú rẹ̀ ò kúrò níbẹ̀. Network reset ní tirẹ̀ ń yọ adápítà kúrò, ó ń tún un fi sí i, ó sì ń nu DNS yẹn àti gbogbo páàsìwọọdù Wáì-Fáì dànù. Nítorí náà, kọ́kọ́ dán èyí wò nínú Command Prompt:

```
ping 8.8.8.8
ping example.com
```

Bí ti àkọ́kọ́ bá dáhùn, tí Windows sì ní òun ò rí orúkọ kejì, DNS ni mo fura sí. Dá a padà sí Automatic (DHCP), má tíì fọwọ́ kan Network reset.